Ọ̀la Ni, Màmá

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ní kí n parọ́. Amòfin la máa ń pè é nílé, torí kò sí ọ̀rọ̀ tí kì í dá ẹjọ́ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ aránṣọ kan ti pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ẹ̀gbọ́n mi sì wá bá mi múra sílẹ̀ fún un. Orí bẹ́ẹ̀dì Màmá ló jókòó sí, ibi tí n kò tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó láti ìgbà tí a ti sìnkú rẹ̀.

"Wọ́n á bi ọ́ níbi tí o wà fún ọdún mẹ́fà," ó ní. "Sọ pé o dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀. Òótọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké."

"Ta ló wá ń wẹ Màmá nígbà tí mo wà ní ṣọ́ọ̀bù?"

"Kí ló kàn wọ́n nínú ẹni tó wẹ Màmá?"

Inú bí mi. Mo ní kó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì ìyá mi, bíi pé kì í ṣe ìyá tirẹ̀ náà. Kò bínú, ó kàn sún sórí àga. Ṣùgbọ́n ohun tó sọ ò kúrò lọ́kàn mi. Bí mo bá sọ pé ṣọ́ọ̀bù ni mo wà, a jẹ́ pé Màmá ò sí nínú ọdún mẹ́fà yẹn rárá.

Agéṣọ ni mí. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí àìsàn ìgbàgbé mú Màmá, tó ń jáde sí títì láìwọ bàtà. Amòfin ní ọkọ, ó ní ọmọ, èmi ni ọwọ́ mi ṣófo. Mo fi iṣẹ́ sílẹ̀. Màmá gbàgbé orúkọ mi, ó ń pè mí ní nọ́ọ̀sì. Ohun kan ṣoṣo tí kò gbàgbé ni pé àgbàlagbà kì í jókòó sílé láàárọ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ò lọ síbi iṣẹ́ lónìí ni?"

"Ọ̀la ni, Màmá."

Ara rẹ̀ á balẹ̀, á jẹun. Bó bá di ọ̀la, á tún bi mí. Irọ́ tí mo pa nínú ilé yẹn ti tó mi.

Lọ́jọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, èèyàn méjì ló jókòó dè mí: ọ̀gá yàrá ìgéṣọ, tó jẹ́ ìyá àgbàlagbà kan tó fi téèpù kọ́ ọrùn, àti ọkùnrin kan láti ọ́fíìsì, tí bírò rẹ̀ yá ju etí rẹ̀ lọ. Ọkùnrin náà ló béèrè.

"Ẹ ò ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà. Kí ló dé?"

Mo wò ó lójú.

"Èmi fúnra mi ni mo fi iṣẹ́ sílẹ̀, sà. Àìsàn ìgbàgbé mú ìyá mi, mo sì tọ́jú wọn títí wọ́n fi kú. Bí wọ́n bá sùn lọ́sàn-án, mo máa ń gé aṣọ ilé-ìwé fún àwọn ará àdúgbò, kí ọwọ́ mi má baà le. Nígbà yẹn, mi ò mọ ẹ̀rọ ìgéṣọ tuntun tẹ́ ẹ ń lò. Lẹ́yìn ìsìnkú, mo lọ kọ́ ọ. Ẹ gbé aṣọ fún mi, kẹ́ ẹ wò mí."

"Bí wọ́n bá tún pè yín nílé ńkọ́?"

"Ẹni tó lè pè mí ò sí mọ́, sà."

Mi ò tíì sọ ọ́ síta báyẹn rí. Ó dùn mí wọ egungun. Bírò ọkùnrin náà dúró.

Ọ̀gá dìde. Ó mú mi lọ sídìí tábìlì, ó na aṣọ sílẹ̀, ó ní kí n gé apá ṣẹ́ẹ̀tì. Mo kọ́kọ́ fọwọ́ pa aṣọ náà kí n lè mọ ibi tí òwú rẹ̀ dorí kọ, mo tó gbé sísọ́ọ̀sì. Nígbà tí mo gé e tán, ó gbé apá méjèèjì lé ara wọn. Wọ́n bára mu.

"Ọdún mẹ́fà tẹ́ ẹ fi tọ́jú ìyá yín, iṣẹ́ lòun náà," ó ní. "Ìgbà wo lẹ lè bẹ̀rẹ̀?"

Mo lanu láti dáhùn, ẹkún ló kọ́kọ́ jáde. Wọ́n rò pé ayọ̀ ni. Ọ̀gá fún mi ní àgékù aṣọ kan kí n fi nujú.

"Ọ̀la ni, mà," mo ní.

Òótọ́ ni lọ́tẹ̀ yìí, ẹni tó ti ń bi mí látọjọ́ yìí ò sì sí níbẹ̀ láti gbọ́.