Òṣùpá àti Ife Méje Lọ́wọ́ Òsì

“Òpùrọ́ ni ẹ́!” Aránṣọ ju káàdì méjì sórí fíríìjì tí olólùfẹ́ rẹ̀ ń tún ṣe. Àwọn oníbàárà mẹ́ta tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì yíjú síbẹ̀, wọ́n gbàgbé ohun tí wọ́n bá wá.

Ọkùnrin náà, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Onífíríìjì, fi àkísà nu ọwọ́. Oṣù mọ́kànlá ni òun àti aránṣọ ti ń fẹ́ra. Ó wo káàdì àkọ́kọ́: òṣùpá tó fajú ro wà lójú ọ̀run láàárín ilé ìṣọ́ méjì, ajá àti ìkookò ń hu sí i, edé ńlá kan ń rákò jáde látinú omi. Nínú èkejì, ẹnì kan tó dúdú bí òjìji kọ ẹ̀yìn sí wọn, ife méje sì wà nínú ìkuukùu níwájú rẹ̀.

“Kí lèyí?”

“Káàdì táróò ni, tí wọ́n fi ń wo ohun tó fara sin. Ó ní ò ń tàn mí! O ní ò ń kọ́lé fún wa. O ní kọ́dún tó parí, wàá wá rí àwọn ẹbí mi.”

“Èmi?” Kò tiẹ̀ gbé ohùn sókè. “Mo ní mò ń fi ẹ̀rọ amúlétutù sínú ilé tuntun kan. Ilé oníbàárà ni. Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti sọ fún ẹ pé mi ò fẹ́. Ṣé o gbọ́ mi rí ni?”

Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà wúkọ́. Aránṣọ ṣa káàdì rẹ̀, ó gba ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lọ, nítorí òun ló kọ́ ọ ní káàdì.

Ẹ̀gbọ́n ń lọ aṣọ. Aránṣọ kò jókòó tó fi na fóònù sí i. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo fọ́tò káàdì yìí. Bí ẹ ṣe ń tẹ́ ẹ gẹ́lẹ́ ni mo ṣe tẹ́ ẹ láàárọ̀ yìí. Ìlà tèmi rèé, ìlà Onífíríìjì rèé. Ohun tí kálukú gbé wá wà lókè, ohun tó fi pamọ́ wà nísàlẹ̀.”

“Ìlà wo ni tìẹ?”

“Ti ọwọ́ ọ̀tún.”

“Ọ̀tún kẹ̀? Ọwọ́ òsì ẹni tó ń tẹ́ káàdì ni ti oníbéèrè.”

“Ṣùgbọ́n ọ̀tún ni ẹ máa ń...” Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì. Odindi ọdún méjì ló fi kọ́ṣẹ́ ní òdìkejì tábìlì, tó dojú kọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Òsì Ẹ̀gbọ́n ni ọ̀tún rẹ̀. Ìlà tirẹ̀ gan-an ló kà sí ti Onífíríìjì.

Ẹ̀gbọ́n bú sẹ́rìn-ín, ó rí ojú àbúrò rẹ̀, ó sì gbé ẹ̀rín mì. Ó gbé áyọ́ọ̀nù sí ẹ̀gbẹ́ kan.

“Wo ìlà ọkùnrin yẹn. Kọ́ìnì Mẹ́jọ ló wà lókè: ọkùnrin tó jókòó ti iṣẹ́ rẹ̀, tó ń gbẹ́ kọ́ìnì lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹ̀tàn níbẹ̀. Anìkàngbé ló wà nísàlẹ̀, bàbá tó dá dúró lórí òkè pẹ̀lú àtùpà. Ó fẹ́ dá wà. Ìwọ lo wá gbé Ife Méje wá. Kí ló wà nínú wọn?”

“Orí ènìyàn. Ẹni tí aṣọ bò. Ejò. Ilé olódi. Ohun ọ̀ṣọ́. Adé ewé. Dírágónì.”

“Èwo ni omi tó ṣeé mu wà nínú rẹ̀?”

“Kò sí.”

“Èwo ni òun fọwọ́ ara rẹ̀ gbé fún ẹ?”

Aránṣọ da fóònù rẹ̀ dojú bolẹ̀.

“Òṣùpá tó wà nísàlẹ̀ ìlà tìẹ ò sì sọ pé ẹnikẹ́ni ń parọ́,” ni Ẹ̀gbọ́n wí. “Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ni ò tó. Ajá ilé lè jọ ìkookò lójú ẹni tẹ́rù ń bà. Káàdì ńlá ni, ó wúwo ju Ife lọ. Ìbẹ̀rù ló ń rọ ife yẹn kún fún ẹ.”

Ojú gba aránṣọ tì. Ó rántí àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì, ó rántí bó ṣe pe èèyàn rere ní òpùrọ́, ó wù ú kí ilẹ̀ lanu kó gbé e mì. Ẹyin lohùn, òun ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ là á mọ́lẹ̀.

“Fa ọ̀kan sí i,” ni Ẹ̀gbọ́n wí, “ká wo bó ṣe máa parí.”

Aránṣọ mi orí pé rárá, ó bọ́ sẹ́yìnkùlé, ó pe Onífíríìjì lórí fóònù.

“Má bínú. Ìwọ kọ́ lo parọ́. Jọ̀ọ́, tún un sọ, èyí tí mi ò gbọ́.”

Onífíríìjì mí kanlẹ̀. “Mo fẹ́ràn ẹ. Mi ò fẹ́ fẹ́yàwó, mi ò sì rò pé màá yí ọkàn padà. Ilé tí mò ń dá gbé tẹ́ mi lọ́rùn.”

Èsì ti dé orí ahọ́n aránṣọ, pé òun yóò yí i lọ́kàn padà tó bá yá. Kò jẹ́ kó jáde. Ó dùn ún wọ egungun.

“Ṣé o wà lórí fóònù?”

“Mo wà ńbẹ̀. Mo gbọ́.” Ó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ tútù dágbére bí ọmọlúàbí, ó fẹ́ ní kí ọkùnrin náà bá òun kí ìyá rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ti là kó tó yé e pé, lẹ́yìn oṣù mọ́kànlá, òun kò mọ̀ bóyá ìyá ọkùnrin náà wà láyé.