Ìbéèrè Tí Mo Pa Rẹ́ Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìwé

Àárọ̀ Sátidé ni. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Ìkẹ́rẹ́, mo ń mu ẹ̀kọ gbígbóná, nígbà tí Ẹnjiníà Ilésanmí fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí mi lórí Wáásáàpù. Ìlẹ̀mọ́ pélébé kan ni, èyí tí wọn yóò lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀rọ tó ń fi gáàsì yan gàrí, tí bàbá náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ó ní kí n bá òun wo lẹ́tà ńlá àti lẹ́tà kékeré inú rẹ̀ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ohun tó wà lára rẹ̀ kò pọ̀: “Blow 5 Minutes. Rest. Blow 5 Minutes Again. Then Light.”

Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, ṣíbí dúró lẹ́nu mi. Mo kà á lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀kọ dà sí mi láṣọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ṣe. Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, mo sì máa ń bá àwọn èèyàn tún ìwé wọn ṣe kí ó tó lọ sí ilé ìtẹ̀wé. Lóṣù tó kọjá, Ẹnjiníà gbé ìwé ìlò ẹ̀rọ rẹ̀ fún mi. Bàbá yìí mọ irin, ó mọ iná, ṣùgbọ́n ní ti àkọlé, gbogbo ọ̀rọ̀ ló dé fìlà fún: “How To Clean The Pan”, “If Flame Does Not Catch”. Mo ṣí fìlà wọn. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nìkan ni mo fi lẹ́tà ńlá sílẹ̀ fún. “DANGER” nìkan ni n kò fọwọ́ kàn, nítorí ibẹ̀ ló yẹ kí ìwé ti pariwo.

Mo wá bọ́ sí háífùn, àmì kékeré tí a fi ń so ọ̀rọ̀ méjì tó jọ ń ṣàpèjúwe ohun tó tẹ̀lé wọn. “Gas fired fryer” di “gas-fired fryer”. “Heat resistant gloves” di “heat-resistant gloves”. Níbi tó ti kọ “fully closed valve”, mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí irú “fully” yẹn kì í gba háífùn. Inú mi ń dùn. Mo tilẹ̀ ń kọrin sí i.

Ẹnjiníà wá ní àṣà kan. Tó bá fẹ́ kọ mílímítà mẹ́ta sí márùn-ún, kì í fi ìlà sáàárín nọ́ńbà méjèèjì, àyè lásán ló máa ń fi síbẹ̀: “3 5 mm”. Èyí pọ̀ nínú ìwé náà ju kí n máa fọwọ́ tún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà pé ibikíbi tó bá ti rí nọ́ńbà méjì tí àyè wà láàárín wọn, kó fi ìlà sí i. Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti ṣe é níbi mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n.

Ọ̀kan nínú wọn wà ní ojú ìwé kẹtàlá. Ẹnjiníà kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí iná bá kọ̀ tí kò ràn, kí wọ́n ti gáàsì pa, kí wọ́n sì fi fáànù fẹ́ inú ààrò ẹ̀rọ náà fún “2 5 minute periods”. Kọ̀ǹpútà àti èmi sọ ọ́ di “2–5-minute periods”. Nígbà tí mo ń kà á wò, ojú mi dúró níbẹ̀. Ṣé ìṣẹ́jú méjì sí márùn-ún ni, àbí ìṣẹ́jú márùn-ún lọ́nà méjì? Bó bá jẹ́ ti ìkẹyìn ni, “two 5-minute periods” ló yẹ kó jẹ́. Nínú iṣẹ́ wa, atúnwèéṣe kì í méfò. Ìbéèrè ló ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé fún ẹni tó ni ín. Mo kọ ọ́: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, èwo lẹ ní lọ́kàn?”

Mo pa á rẹ́.

Ẹ̀rù ló bà mí. Ọ̀rẹ́ bàbá mi ni Ẹnjiníà, ó wà lára àwọn tó gbé pósí bàbá mi. Mo ti bi í ní ìbéèrè kan ṣáájú, lórí ojú ìwé kẹrin, ó sì pè mí lórí fóònù, ó jágbe mọ́ mi: “Tèmilọlá, ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní pólì. Ṣé ùwọ lo fẹ́ wá kọ́ mi ní uṣẹ́ mi?” Mo kúnlẹ̀ nínú ọkàn mi. Ọmọ tí wọ́n bá tọ́ re kì í bi irú àgbà bẹ́ẹ̀ ní ìbéèrè kejì. Mo yan èyí tó rọrùn, mo fi ìwé ránṣẹ́, ó sì di títẹ̀.

Báyìí, ìlẹ̀mọ́ ti dá mi lóhùn. Ìṣẹ́jú márùn-ún lọ́nà méjì ni. Gáàsì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bí iná bá kọ̀, èyí tó ti jáde yóò sùn sí ìsàlẹ̀ ààrò, yóò máa dúró de ìṣáná. Lábẹ́ fọ́tò náà, Ẹnjiníà kọ ọ́ pé, “Modúpẹ́ á tan ẹ̀rọ lónìí.”

Modúpẹ́ ni alága àwọn obìnrin tó ra ẹ̀rọ náà, ní abà kan lẹ́yìn Emùré. Akínpẹ̀lú, tí Ẹnjiníà kọ́ ní ìlò rẹ̀, ti bá iṣẹ́ lọ sí Àkúrẹ́. Ìwé tí mo tún ṣe nìkan ló kù fún àwọn obìnrin náà. Mo sì mọ Modúpẹ́. Mo kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún mẹ́ta. Kò sí ọjọ́ tí kì í bi mí ní ìbéèrè, títí mo fi máa ń sọ fún un níwájú gbogbo kíláàsì pé, “Modúpẹ́, Gẹ̀ẹ́sì rẹ yìí máa pa ọ́ lọ́jọ́ kan.” Wọn á bú sẹ́rìn-ín. Òun náà á bá wọn rẹ́rìn-ín.

Mo pe nọ́ńbà rẹ̀. Kò lọ. Mo pè é ní ẹ̀ẹ̀mẹfà, kò lọ. Mo wá fa orúkọ Ẹnjiníà jáde, mo tẹ̀ ẹ́, ó dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo sì pa á. Mo ní kí ni mo fẹ́ sọ fún un? Pé mo ba ìwé rẹ̀ jẹ́? Mo sọ fún ara mi pé yóò yá jù bí mo bá lọ fúnra mi. Irọ́ ni. Ẹ̀rù bàbá náà ló ń bà mí, àní pẹ̀lú ẹ̀mí èèyàn nílẹ̀.

Mo wọ ọkọ̀ dé Emùré, mo sì gun ọ̀kadà láti ibẹ̀. Mo sọ fún ọlọ́kadà pé kó sáré, mo tún sọ fún un pé kó má pa mí, ó ní kí n yan ọ̀kan. Bí a ṣe yọ sí ọ̀nà oko, mo rí èéfín lókè àwọn igi kòkó, ó dúdú, ó ki. Mo pariwo Jésù. A dé ibẹ̀, bàbá àgbà kan ló ń sun igbó oko rẹ̀. Ó kí wa pé a kú ìrìn. Mo ní kí ọlọ́kadà máa lọ.

Nígbà tí a dé abà, n kò gbọ́ ariwo kankan, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù jù. Àwọn obìnrin bíi méje dúró síta. Ìdérí ẹ̀rọ náà wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ọsàn kan, ó jìnnà sí ẹ̀rọ, ó ti ká. Gbàgúdá tí wọ́n ti kù sílẹ̀ fọ́n ká gbogbo ilẹ̀.

Modúpẹ́ jókòó sórí àpótí. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Adéṣẹwà ń bu omi tútù sí i lápá. Irun iwájú orí rẹ̀ ti jó. Kò ní irun ìpéǹpéjú mọ́. Ojú rẹ̀ ń dán bí ẹni tí wọ́n fi epo pa, ṣùgbọ́n ó ṣí sílẹ̀, ó sì ń wò mí. Ó wà láàyè.

Ó fẹ́ kúnlẹ̀ kí mi. Mo ní kó jókòó.

“Ántí mi, ẹ káàbọ̀,” ló wí. “Ẹ má bínú. Uná kọ̀ nígbà àkọ́kọ́, mo bá ṣí ùwé. Ó ní méjì sí márùn-ún. Mo fẹ́ ẹ fún ùṣẹ́jú méjì, mo ṣáná sí i, ó dún gbòà. Ẹni ọ̀kan ìbá kú ní ulé yìí.”

“Mo pè ọ́, kò lọ.”

“Nọ́ńbà yẹn kì í lọ níbí, Ántí. Nọ́ńbà mi kejì wà lọ́wọ́ Dádì Ẹnjiníà. Wọ́n fi pè mí láàárọ̀ yìí.”

Ìpè kan ṣoṣo sí Ẹnjiníà ìbá ti gbà á là, èmi sì ni mo pa á lẹ́yìn tó dún lẹ́ẹ̀kan.

Modúpẹ́ rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí àwọn yòókù má baà gbọ́. “Ó yẹ kó ní ohun mìíràn tó túmọ̀ sí. Èmi ni mi ò kà á dáa. Ẹ ti wí í nígbà náà, pé Gẹ̀ẹ́sì mi yìí á pa mí.” Ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín, ètè rẹ̀ sì dùn ún. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Dádì. Bí wọ́n bá mọ̀ pé mi ò lè ka ùwé, wọn á gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ wa.”

Ẹ gbọ́, mo fẹ́ dákẹ́. N kò ní purọ́ fún yín. Kò sí ẹni tó mọ̀. Ó ti di ẹ̀bi náà ru ara rẹ̀, ó ń bẹ̀ mí pé kí n bá òun fi pamọ́. Ìwé náà wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ṣí sí ojú ìwé kẹtàlá, omi ti ta sí i. Mo rí àkọlé náà, “If flame does not catch”, tó mọ́, tó tò, bí mo ṣe fẹ́ kó rí. Ìlà mi sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, láàárín méjì àti márùn-ún.

“Modúpẹ́,” ni mo wí, mo sì sọ ọ́ sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́, “o kà á dáa. Bí mo ṣe kọ ọ́ gan-an lo ṣe kà á. Ìṣẹ́jú márùn-ún lọ́nà méjì ni bàbá ní lọ́kàn. Èmi ni mo yí i. Ó rú mi lójú, n kò sì béèrè.”

Ó wo ìwé náà, ó sì wò mí.

“Ẹ̀yin, Ántí?” ló wí. “Ẹ ò béèrè?”

Kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Adéṣẹwà dáwọ́ omi dúró. Mo ní kó máa bù ú lọ, mo sì sọ fún ọlọ́kadà kó múra láti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Emùré. Modúpẹ́ dìde, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi láìfọwọ́ kàn mí. Ṣùgbọ́n kó tó gun ọ̀kadà, ó fi ọwọ́ tí kò jó yọ fóònù kejì lápò, ó tẹ nọ́ńbà kan, ó sì nà án sí mi.

Ó ń dún. Mo gbọ́ ohùn Ẹnjiníà: “Modúpẹ́, ṣé uná ti ràn?”

“Tèmilọlá ni, sà,” ni mo wí. “Ìbéèrè kan wà tó yẹ kí n ti bi yín lóṣù tó kọjá.”