Àjẹsílẹ̀ Owó Ìfẹ̀yìntì Nọ́ọ̀sì Àgbà

"Mọ́mì, mo ní kò kàn yín! Oṣù kẹta ọdún yẹn lẹ fẹ̀yìn tì, oṣù kẹfà ni lẹ́tà àfikún owó oṣù jáde."

Akọ̀wé ọ́fíìsì owó ìfẹ̀yìntì ló ń pariwo mọ́ nọ́ọ̀sì àgbà bẹ́ẹ̀. Ọdún méjì ni ọ́fíìsì yìí ti ń ṣírò owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ lórí owó oṣù àtijọ́. Ó tú fáìlì sórí tábìlì akọ̀wé: ìwé ìgbanisíṣẹ́, ìwé ìgbéga tó gbà kẹ́yìn, ìwé ìfẹ̀yìntì, ìwé owó oṣù ìkẹyìn, àkọsílẹ̀ báńkì. Ó gbé lẹ́tà àfikún lé wọn lórí.

"Oṣù kẹfà ni wọ́n buwọ́ lù ú. Ka ìlà kejì."

Akọ̀wé ń kùn: "Yóò bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kìn-ín-ní."

"Oṣù kìn-ín-ní, mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, mò ń gún yín lábẹ́rẹ́."

Àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Akọ̀wé fajú ro. "Ẹ ò kọ̀wé béèrè àjẹsílẹ̀ kankan. Kò sí lọ́dọ̀ wa."

Nọ́ọ̀sì àgbà rọra yọ ẹ̀dà ìwé tó fi béèrè lọ́dún tó kọjá, òǹtẹ̀ ọ́fíìsì àti orúkọ ẹni tó gbà á wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

"Ka orúkọ ẹni tó gbà á lọ́wọ́ mi sókè, ọmọ mi. Bí kò bá hàn dáadáa, wo káàdì ìdánimọ̀ tó wà lọ́rùn rẹ."