Ìlà Kan fún Àwọn Alákùrọ̀

"Ìlà kan, ìpínrọ̀ kan, ojú ìwé kan." Báyìí ni Alága Rótìmí ṣe kà á sí Fẹ́yìsetán létí lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, bí ẹni tó ń ka èlò ọbẹ̀ fún ọmọ tó ń lọ sọ́jà. Ìlà kan, kí wọ́n lè fi ránṣẹ́ sórí fóònù gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, kí àwọn akọ̀wé ìjọ sì kà á lọ́jọ́ Àìkú. Ìpínrọ̀ kan, èyí tí wọn yóò kà ní ìpàdé ẹkùn ní ìlú Orin. Ojú ìwé kan, fún àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ mẹ́fà tó máa dìbò lórí igi ẹ̀gẹ́ tuntun. Inú síláìdì ìwádìí kan náà ni kí ó ti fa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yọ. Ó sì fẹ́ ẹ kó tó di ìrọ̀lẹ́.

Fẹ́yìsetán ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ní Ùsì-Èkìtì, Rótìmí ni alága rẹ̀. Ó ti pé ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́ta, orúnkún ọ̀tún ń dùn ún, iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ fún un lọ́sẹ̀ yẹn sì tó iṣẹ́ ènìyàn mẹ́ta. Iná ti lọ láti àárọ̀. Bátìrì kọ̀ǹpútà kù díẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣeun, sà," nítorí kò sí agbára fún ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu rẹ̀.

Síláìdì náà jẹ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Àwọn olùṣèwádìí tí ẹgbẹ́ pè ló ṣe é, lẹ́yìn tí wọ́n gbin ẹ̀gẹ́ tuntun kan sí ibi mẹ́ta fún ọdún méjì, tí wọ́n sì gbin ti àtijọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Síláìdì karùn-ún ni gbogbo ènìyàn fẹ́ràn: níbẹ̀ ni wọ́n ti fi lẹ́tà gàgàrà kọ ọ́ pé ẹ̀gẹ́ tuntun ta ìlọ́po méjì. Lórí ilẹ̀ gbígbẹ ní Ùsì àti Orin, tọ́ọ̀nù méjìlá ni ti àtijọ́ mú wá lórí hẹ́kítà kan, tọ́ọ̀nù mẹ́rìnlélógún ni ti tuntun. Ìràwọ̀ kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ náà. Ìràwọ̀ ọ̀hún ń tọ́ka sí síláìdì kẹtàlélógún, níbi tí oko kẹta wà, èyí tó wà ní àkùrọ̀ Ẹ̀dá-Oníyọ̀. Níbẹ̀ omi kì í gbẹ nílẹ̀. Ti àtijọ́ mú tọ́ọ̀nù mẹ́wàá wá. Ti tuntun jẹrà kó tó pé oṣù mẹ́sàn-án, tọ́ọ̀nù mẹ́rin péré ló kù níbẹ̀ láti wa.

Fẹ́yìsetán ka gbogbo rẹ̀, ẹ má ṣe rò pé kò kà á. Ojú ìwé kan ló kọ́kọ́ kọ, ó sì kọ ọ́ dáadáa. Ó fi iye tọ́ọ̀nù sí i, ó fi ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí i, ọ̀rọ̀ àkùrọ̀ sì wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, nítorí ìsàlẹ̀ ló wà nínú síláìdì. Nígbà tó kan ìpínrọ̀, kò padà sí síláìdì mọ́. Ojú ìwé ló mú, ó ń fá a bí ẹni ń fá èèpo iṣu. Ọ̀rọ̀ àkùrọ̀ di "àfi ní àwọn ibì kan". Nígbà tó kan ìlà, ìpínrọ̀ ló tún mú, ó sì tún fá a. Bátìrì ti ń pariwo. Fóònù kì í gbà ju ọgọ́jọ lẹ́tà lọ nínú àtẹ̀jíṣẹ́ kan, bí èèyàn bá sì fi àmì ohùn sí i, àádọ́rin péré ló ń gbà. Ó bọ́ àmì dànù, ó bọ́ "àfi" dànù tẹ̀lé e. Èyí tó ṣẹ́kù rèé, bí a bá dá àmì rẹ̀ padà: "Ẹ̀gẹ́ tuntun ń ta ìlọ́po méjì ti àtijọ́, ẹ wá gba igi rẹ̀ ní ọ́fíìsì."

Bí ìyà bá ti jẹ èèyàn tó, ohun tó bá ti parí a máa dà bí ohun tó dára. Ó fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ránṣẹ́ sí Alága. Alága ní ìlà yẹn dùn bí oyin. Kó tó di aago méje òwúrọ̀ Sátidé ó ti dé orí fóònù gbogbo wọn.

Bàbá Fátúnmbí ló pe Fẹ́yìsetán láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ẹ̀dá-Oníyọ̀ ni bàbá náà wà, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ọ̀rẹ́ bàbá Fẹ́yìsetán ni kí tọ̀hún tó kú.

"Fẹ́yì, o kú uṣẹ́. Aya ọmọ mi ka ọ̀rọ̀ yín fún mi. Inú mi dùn. Láti àná ni mo ti ń fa ti àtijọ́ tu, kí n lè ráàyè fún ti tuntun."

"Bàbá, oko wo ni?"

"Oko wo ni mo ní? Ti etí odò náà ni."

Ẹ̀rù ba Fẹ́yìsetán, ẹ̀rù gidi. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró. Ẹ má fa ìkankan mọ́. Mò ń bọ̀."

Ó fa ojú ìwé tirẹ̀ jáde láti inú fáìlì. Ó wà níbẹ̀, ní ìsàlẹ̀, ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́: *kò yẹ fún àkùrọ̀*. Ẹ̀dà mẹ́fà ni wọ́n tẹ̀ ẹ́. Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí wọ́n pín in fún, kò sí ẹnìkan nínú wọn tó ní oko létí odò.

Ó wọ yàrá Alága lọ. "Sà, a ní láti fi ìlà mìíràn ránṣẹ́ lónìí. Ìlà tí mo kọ yẹn ń tan àwọn alákùrọ̀ jẹ."

Alága kò gbójú sókè. "Ó wà nínú ojú ìwé."

"Àwọn alákùrọ̀ kò rí ojú ìwé, sà."

"Mádáàmù Akọ̀wé, àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dé inú rẹ̀, a di odidi. Ìlà kan kò lè gba gbogbo ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ sí i, kó wá béèrè. Bí a bá tún fi òmíràn ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ kan náà, wọ́n á ní a ò mọ ohun tí à ń ṣe."

A ò kúkú mọ̀ ọ́n, ni Fẹ́yìsetán rò, ṣùgbọ́n ó rẹ̀ ẹ́ jù láti bá a jà. Ó mú báàgì rẹ̀, ó bọ́ síta, ó sì ké sí ọlọ́kadà.

Ọ̀nà ọ̀hún kò súnmọ́, gbogbo kòtò rẹ̀ ni orúnkún rẹ̀ sì kà. Nígbà tó dé, Bàbá Fátúnmbí jókòó sórí ebè kan, àdá rẹ̀ lórí ilẹ̀. Ó ti fa ìdajì oko tu. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n gbìn ní oṣù kọkànlá ni, kò tíì ju oṣù márùn-ún lọ. Èyí tó ti ta nínú rẹ̀ kò ju ìka ọwọ́ lọ, kò tó gaàrí, kò tó nǹkan kan. Bàbá ti kó wọn jọ síbẹ̀ ní òkìtì, àti igi àti ẹ̀gẹ́.

Fẹ́yìsetán kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ̀gẹ́ tuntun yẹn ò dára fún àkùrọ̀. Yóò jẹrà. Èmi ni mi ò fi sínú ìlà tí mo kọ."

Bàbá wò ó títí. "Ṣé ẹ kọ ọ́ sí ibòmíràn?"

"Mo kọ ọ́ sínú ojú ìwé, sà."

"Ta ló ní ojú ìwé náà lọ́wọ́?"

"Àwọn ìgbìmọ̀."

"Hẹn-ẹn. Oko mi wà nínú ìwé, wọ́n kó o fún ẹni tí kò ní oko níbí."

Fẹ́yìsetán sọ ohun tí Alága sọ, nípa àbọ̀ ọ̀rọ̀ àti ọmọlúàbí. Kò mọ ìdí tó fi sọ ọ́; bóyá nítorí ó fẹ́ kí ẹlòmíràn bá òun ru díẹ̀ nínú ẹ̀bi náà.

Bàbá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò ní adùn. "Òótọ́ ni. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ yín dé inú mi, ó sì di odidi. Odidi ọ̀hún ló wà nílẹ̀ yìí." Ó fi àdá tọ́ka sí òkìtì. "Mo gbà á gbọ́, Fẹ́yì. Ọmọ ọ̀rẹ́ mi ló kọ ọ́."

Omi bọ́ lójú Fẹ́yìsetán. Kò nù ún, ẹrẹ̀ ti kún ọwọ́ rẹ̀.

Nígbà tó ṣe, ó jókòó sórí ebè kejì, ó ṣí síláìdì náà lórí fóònù, ó sì padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Kò wo ojú ìwé, kò wo ìpínrọ̀. Ó kà á láti ọ̀kan dé mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ó sì ń bi ara rẹ̀ léèrè ohun kan ṣoṣo: ẹni tí kò ní rí ju ìlà yìí lọ, kí ni yóò ṣe lóko rẹ̀ lọ́la? Ìlọ́po méjì dùn ún sọ, ṣùgbọ́n ó lè dúró nínú ìpínrọ̀. Kò sí ẹni tí oko rẹ̀ yóò bàjẹ́ nítorí pé kò gbọ́ ìlọ́po méjì. Ó kọ ọ́, ó pa á rẹ́, ó tún un kọ, ó sì kà á sókè:

"Ilẹ̀ gbígbẹ nìkan ni kí ẹ gbin ẹ̀gẹ́ tuntun sí, ní àkùrọ̀ yóò jẹrà, ẹ má fa ti àtijọ́ tu. Ìlà Sátidé kò pé: Fẹ́yìsetán akọ̀wé ló ṣàṣìṣe."

"Ìlọ́po méjì ńkọ́?" Bàbá béèrè.

"Mo yọ ọ́, sà."

"Ó dáa. Ẹni tó ní ilẹ̀ gbígbẹ á wá béèrè. Èmi ò mọ̀ pé ó yẹ kí n béèrè."

Fẹ́yìsetán fi ìlà náà ránṣẹ́ sí Alága, ó sì pè é. Alága kùn, ó ní orúkọ ẹgbẹ́ yóò bàjẹ́. Fẹ́yìsetán ní kì í ṣe orúkọ ẹgbẹ́ ló wà níbẹ̀, tòun ni, ó sì ní òun jókòó sí oko tí àwọn bà jẹ́, òun ò ní dìde títí ọ̀rọ̀ náà yóò fi dé. Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, láìpariwo, bí ẹni tí kò ní okun tó máa fi pariwo. Alága gbé fóònù sílẹ̀. Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ó tó ogún ìṣẹ́jú kí fóònù Bàbá tó dún nínú àpò rẹ̀. Ó na fóònù sí Fẹ́yìsetán pé kó bá òun kà á. Ó kà á. Wọn kò yọ ọ̀rọ̀ kankan kúrò nínú rẹ̀, títí kan orúkọ rẹ̀.

"Ẹ máa pa gbogbo ìlú yìí lẹ́rìn-ín," ni Bàbá wí, ṣùgbọ́n ó gba fóònù náà padà jẹ́jẹ́. Ó dìde, ó mú igi ẹ̀gẹ́ àtijọ́ kan nínú òkìtì, ó fi àdá gé e kéékèèké, ó sì kì í bọ inú ebè tó ti wó. Yóò pẹ́ tó oṣù márùn-ún kó tó padà síbi tó wà ní Sátidé.

Fẹ́yìsetán bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Orúnkún rẹ̀ ń dùn ún. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú igi tirẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbìn.