Agbẹnusọ Motúnráyọ̀

Kò sí ohun tó máa ń ni Motúnráyọ̀ lára tó kó máa sọ fún èèyàn pé òun mọṣẹ́. Bó bá ya àwòrán tán, á gbé e sórí tábìlì, á sì jáde kúrò nínú yàrá kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó. Ọmọ tíṣà ni. Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ló dàgbà sí ní Yábà, wọ́n sì ti kọ́ ọ láti kékeré pé aláìnítìjú ló ń yin ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ dá. Inú ìwé àwọn ọmọ iléèwé ló máa ń yàwòrán sí. Ìbáà ṣe ewúrẹ́ tó ń jẹ èèpo ẹ̀gẹ́, ìbáà ṣe ẹ̀dọ̀fóró tí wọ́n là sí méjì, ọmọ tó bá rí i kò ní í béèrè pé kí lèyí.

Àǹtí Gertrude ló ń gbẹnu sọ fún un. Ó ṣáájú rẹ̀ níléèwé tí wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ ọnà, òun náà ló sì gbà á sí ṣọ́ọ̀bù ìyàwòrán tó dá sílẹ̀ ní Yábà. Ó máa ń sọ pé, "Ìwọ ṣáà máa yàwòrán, èmi á máa sọ̀rọ̀. Gbogbo wa kọ́ lẹnu yọ̀." Ọ̀rọ̀ náà bá Motúnráyọ̀ lára mu.

Lọ́dọọdún, àwọn tó ń kọ ìwé, àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ àtàwọn tó ń yàwòrán sí i máa ń ṣe ìpàdé ńlá kan. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ ara wọn, ibẹ̀ niṣẹ́ sì ti ń jáde. Àǹtí Gertrude nìkan ló máa ń lọ. Bó bá dé, Motúnráyọ̀ á bi í pé, "Àǹtí mi, ṣé ẹnì kankan béèrè mi?"

Àǹtí á mirí. "Wọ́n ní àwọn ti ní ayàwòrán. Má jẹ́ kó dùn ẹ́."

Lọ́dún kan, Motúnráyọ̀ bú sẹ́kún. Àǹtí Gertrude fà á mọ́ra, ó fi ìborùn tirẹ̀ nu omijé rẹ̀, ó sì ra mínírà fún un.

Ní ọdún 1992, gbọ̀ngàn kan ní Súrùlérè ni ìpàdé náà bọ́ sí. Àǹtí Gertrude ní òun máa pẹ́ kóun tó débẹ̀, nítorí ayẹyẹ kan níléèwé ọmọ òun. Motúnráyọ̀ ronú sí i. Bí àwọn olóòtú ìwé bá tètè dé ńkọ́, tí kò sí ẹni tó máa dá wọn lóhùn? Àánú Àǹtí ṣe é, torí ó pẹ́ tó ti ń dá ẹrù náà rù. Ó pinnu pé òun á lọ bá a di àyè rẹ̀ mú títí á fi dé.

Nínú yàrá rẹ̀ ní Àgùdà, ó dúró níwájú dígí, ó fi gbólóhùn kan kọ́ra: "Àwòrán inú ìwé àwọn ọmọdé ni mo ń yà." Kò fi nǹkan kan kún un. Ó tún mú ìbéèrè kan dání: "Irú ìwé wo lẹ ń ṣe lọ́wọ́?" Ó mọ̀ pé bí ẹni kejì bá ń sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni ò ní ní kóun sọ. Ó ní bóun bá ti bá èèyàn méjì péré sọ̀rọ̀, òun ti ṣe tòun, òun lè máa lọ sílé.

Wọ́n ṣì ń to àga lọ́wọ́ nígbà tó débẹ̀. Ó fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, torí gbọ̀ngàn tó ti kún máa ń dẹ́rù bà á láti wọ̀. Ó kọ orúkọ rẹ̀ sórí báàjì, ó fi í sáyà. Nígbà tí èrò bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ó sá lọ sí ilé ìtọ̀, ó dúró níbẹ̀ títí tójú fi tì í. Nígbà tó jáde, ó rí bàbá kan tó ń dá ṣí ìwé wò nídìí tábìlì tí wọ́n pàtẹ ìwé sí. Ó rìn lọ bá a.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Irú ìwé wo lẹ ń ṣe lọ́wọ́?"

Jethro lorúkọ bàbá náà, olóòtú ni nílé iṣẹ́ ìtẹ̀wé kan ní Ìlúpéjú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nípa ìwé sáyẹ́ǹsì kan tó ti fojú rẹ̀ rí màbo. Motúnráyọ̀ ń gbọ́, ó ń béèrè, ara rẹ̀ sì ń balẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ìdí tábìlì ìwé lèmi máa ń sá sí," bàbá náà wí, ó rẹ́rìn-ín. "Ariwo wọn ti pọ̀ jù. Ìwọ ńkọ́?"

"Àwòrán inú ìwé àwọn ọmọdé ni mo ń yà, sà."

Bàbá náà wo báàjì àyà rẹ̀, ó tún un wò. "Motúnráyọ̀? Ti ọ̀dọ̀ Gertrude? Háà! Ara ti wá yá?"

"Ara ta ni, sà?"

"Àìsàn tó ń ṣe ẹ́ ni mò ń wí. Lọ́dún tó kọjá tá a wá ẹni tó máa ṣe olórí àwọn ayàwòrán wa, ìwọ la kọ́kọ́ béèrè. Gertrude ní ọpọlọ rẹ ò gba èrò, pé bó o bá rí àlejò, ṣe lo máa ń dákú. Ó ní ká má wulẹ̀ kọ̀wé sí ẹ, kó má bàa dá wàhálà sílẹ̀."

Motúnráyọ̀ kọ́kọ́ gbèjà Àǹtí. "Bóyá ẹ ṣì wọ́n gbọ́ ni, sà."

"Èmi nìkan kọ́ ló sọ ọ́ fún," bàbá náà dáhùn jẹ́ẹ́jẹ́.

Ohùn Àǹtí Gertrude ló kọ́kọ́ wọlé kí òun fúnra rẹ̀ tó wọlé. Ó ń kí ọ̀tún, ó ń kí òsì, títí ojú rẹ̀ fi bá tiwọn. Ó sáré dé ọ̀dọ̀ wọn, ó gbọ́wọ́ lé èjìká Motúnráyọ̀.

"Ráyọ̀! Ta ló ní kó o wá? Ọ̀gá, ẹ má bínú, ọmọ yìí kì í..."

"Àǹtí, àìsàn wo ló ń ṣe mí?"

Àǹtí Gertrude rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò jìnnà. Ó fà á lọ́wọ́ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ìwọ náà lo ní kí n máa bá ẹ sọ̀rọ̀! Ṣó o ti gbàgbé bí ọwọ́ rẹ ṣe ń gbọ̀n níwájú kíláàsì? Ṣe ni mò ń dáàbò bò ẹ́."

"Mo ní kẹ́ ẹ bá mi sọ̀rọ̀, Àǹtí. Mi ò ní kẹ́ ẹ sọ mí di wèrè."

"Bó o bá lọ, kí ló kù fún mi?" Ọ̀rọ̀ náà já bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Ṣó o rò pé nítorí ẹnu mi ni wọ́n ṣe ń wá sí ṣọ́ọ̀bù yẹn?"

Gbogbo ọdún tí Motúnráyọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Àǹtí, kò gbọ́ kó yìn ín báyìí rí.

Ó padà sínú gbọ̀ngàn. Ó lọ dúró níwájú bàbá olóòtú náà.

"Sà, kò sí nǹkan tó ń ṣe mí. Èrò ni mi ò fẹ́ràn. Ṣé mo lè kó iṣẹ́ mi wá hàn yín lọ́jọ́ Mọ́ńdè?"

Bàbá náà fún un ní káàdì rẹ̀. "Mi ò ní tàn ẹ́, a ti gba ẹlòmíì sípò yẹn. Ṣùgbọ́n wá."

Kò wá ẹni kejì bá sọ̀rọ̀ mọ́, ó lọ sílé. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó lọ sí Ìlúpéjú, wọ́n sì fún un ní ìwé ìmọ́tótó kékeré kan pé kó fi dánra wò. Ó yẹ kínú rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń rìn bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri àwọn ilé iṣẹ́ tó wà níbẹ̀, ọjọ́ tó sunkún yẹn ló ń bọ̀ wá sọ́kàn rẹ̀. Ẹni tó ti ilẹ̀kùn mọ́ òun ni òun gbórí lé láyà. Gbogbo ìgbà tó ń nu omijé òun náà ló mọ ohun tó ṣe.

Kò lọ sí ṣọ́ọ̀bù mọ́. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan, lẹ́yìn ìsìn, Àǹtí Gertrude wá sí Àgùdà. Motúnráyọ̀ ṣílẹ̀kùn fún un, ó kúnlẹ̀ kí i, ó sì gbé omi fún un.

"Ráyọ̀, bá mi sọ̀rọ̀," Àǹtí Gertrude wí. "Bú mi, bó o bá fẹ́. Ṣáà sọ nǹkan."

Láyé, ẹnì kan ṣoṣo yìí ni Motúnráyọ̀ kì í wá ọ̀rọ̀ tì níwájú rẹ̀. Ó la ẹnu, ó sì pa á dé. Nígbà tí omi náà tán, ó gba ife lọ́wọ́ àlejò rẹ̀, ó sì lọ ṣàn án.