Òpópónà Afárá Tí Kò Ní Afárá

Òpópónà Afárá ni wọ́n bí mi sí, mi ò sì rí afárá kankan níbẹ̀ rí. Títì ọlọ́dà ni, ilé lọ́tùn-ún, ilé lósì, ilé búrẹ́dì láàárín, ṣọ́ọ̀bù káfíńtà ní òdìkejì rẹ̀. Kò sí odò, kò sí kòtò. Ohun tí àwọn aládùúgbò fi ń fi bàbá mi ṣe yẹ̀yẹ́ nìyẹn.

Bíríkìlà ni bàbá mi, ọmọ bíríkìlà sì ni. Kò sí ẹni tó jókòó tì í tí kò ní gbọ́ pé bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tó fi bíríkì kọ́ afárá tí wọ́n fi sọ òpópónà náà lórúkọ. Ó ní nígbà tí wọ́n fẹ́ parí rẹ̀, bíríkì ọ̀tún àti ti òsì kò pàdé dáadáa lókè, àlàfo kan ṣẹ́ kù ní ojú afárá náà. Bàbá rẹ̀ bá sáré wálé, ó gbé ìyá ọlọ tí ìyá rẹ̀ fi ń lọ ata, ó gbẹ́ ìdí rẹ̀ kó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì kì í bọ àlàfo náà. Ó ní ìyá bàbá òun bínú, kò bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ọmọ ọlọ nìkan ló kù nílé wa, òun la sì fi ń di ilẹ̀kùn iwájú mú kí atẹ́gùn má baà gbá a.

"Bàbá Afárá" ni wọ́n ń pè é. Tó bá ń kọjá lọ, káfíńtà á ní kó rọra, kó má jìn sódò. Bàbá mi á rẹ́rìn-ín, á ní òun mọ òmùwẹ̀ kan tó máa yọ òun. Èmi kì í rẹ́rìn-ín ní tèmi. Ọ̀rọ̀ tó bá ti kan bàbá mi, ara mi kì í gbà á.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ da ọ̀dà tuntun sí títì náà, ìgbìmọ̀ àdúgbò pe ìpàdé sí yàrá ìkàwé ilé ẹ̀kọ́. Alága ní ọ̀dà tuntun yẹ kó ní orúkọ tuntun, pé "Òpópónà Ìlọsíwájú" ló dára jù, nítorí orúkọ tí a ń jẹ́ kò ní ìtumọ̀. Télọ̀ ní ó ní ìtumọ̀, pé bàbá-bàbá òun ló máa ń parí ìjà láàárín àwọn èèyàn, òun ni wọ́n fi wé afárá. Onígbàjámọ̀ ní rárá, afárá oyin ni wọ́n ń tà níbẹ̀ láyé àtijọ́. Ká ní a tún jókòó pẹ́ díẹ̀ sí i, wọn ì bá sọ fún wa pé ọ̀run ni orúkọ náà ti já bọ́.

Bàbá mi wá dìde, ó sọ ti ìyá ọlọ. Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín. Alága fara balẹ̀ kí wọ́n rín in tán, ó wá ní, "Bàbá, a gbọ́. Ṣùgbọ́n afárá náà dà?"

Bàbá mi jókòó. Mo mọ ohun tó ń dùn ún. Tí wọ́n bá yí orúkọ yẹn padà, irọ́ ni bàbá rẹ̀ pa fún un nìyẹn, irọ́ náà ni òun sì ti ń pa fún wa láti kékeré.

Mo dìde. Iléeṣẹ́ tó ń wọn ilẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mo ń ya máàpù níbẹ̀, gbogbo wọn ló sì mọ̀. Mo ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ẹ̀yin fẹ́ yí orúkọ ọmọ padà láìwo ilé tó ti wá. Mo ní kí wọ́n dúró títí àwọn òṣìṣẹ́ omi á fi wá gbẹ́lẹ̀ ri páìpù, kí ọ̀dà tó dé. Alága gbà. Ó ní tí mo bá fi afárá han òun, orúkọ dúró. Tí mi ò bá fi hàn, òun ti ní kí wọ́n kun pátákó tuntun sílẹ̀.

Ẹni tó bá ń wá orísun orúkọ kì í kọ́kọ́ bi àwọn èèyàn ní ìtumọ̀ rẹ̀. Ìtumọ̀ dídùn ni wọ́n á fún un. Ohun tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ni mo ń bi wọ́n, mo sì ń bá ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀ kí ẹnìkan má baà gbé ti ẹnìkejì sọ. Ìyá olówùú sọ pé ẹ̀yìn ilé búrẹ́dì ni ìyá òun ti máa ń fọ aṣọ. Mo bi í pé omi wo ló fi ń fọ̀ ọ́, ó ní òun ò tíì bi ara òun rí. Ọ̀gá awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, tí kò bá ìyá olówùú ṣe ọ̀rẹ́ rárá, ní wọn kì í jẹ́ kí àwọn ọmọdé ṣeré lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù káfíńtà nígbà òjò. Kò mọ ìdí. Ibi méjèèjì yìí dojú kọra, títì wa sì gba àárín wọn kọjá.

Mo padà síbi iṣẹ́, mo tú máàpù tó pẹ́ jù lọ jáde. Wọn kò fi odò sí i, wọ́n ti darí omi gba ibòmíràn kí wọ́n tó yà á. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kì í tètè gbàgbé. Lórí máàpù, ìlà kan máa ń so gbogbo ibi tí gíga wọn dọ́gba pọ̀. Níbi tí omi bá ti ń ṣàn láti òkè, ìlà yẹn á ṣẹ́ bí ìgbọ̀nwọ́, á na igun rẹ̀ sí òkè. Lẹ́yìn ilé búrẹ́dì, ìlà ń ṣẹ́ léraléra. Mo wá wo ààlà ilẹ̀. Gbogbo ààlà àdúgbò wa gún gbọọrọ, àfi ẹyọ kan tó ń rìn kọ́lọkọ̀lọ láti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù káfíńtà dé ẹ̀yìn ilé búrẹ́dì. Kò sẹ́ni tó ń fi okùn wọn ilẹ̀ tí yóò wọ̀n ọ́n báyẹn. Omi ni ààlà àwọn tó kọ́kọ́ ni ilẹ̀ náà. Omi lọ, ààlà kò kúrò níbi tó wà.

Mo fẹsẹ̀ rìn ín. Àwọn kànga tó wà ní ojú ìlà náà kò jìn, omi wọn wà nítòsí. Àwọn tó jìnnà sí i ni wọ́n ń fi okùn gígùn fà. Ògiri ẹ̀yìn ilé búrẹ́dì sán, wọ́n rẹ́ ẹ, ó tún sán, nítorí ilẹ̀ tí wọ́n fi dí odò ń rì. Èyí tó wù mí jù ni títì fúnra rẹ̀. Níbi tó yẹ kó ti rẹlẹ̀, ńṣe ló ga díẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lójú ọ̀nà wa ló mọ gegele yẹn, kò sì sí ẹni tó béèrè ohun tó gbé e sókè.

Mo fi ẹfun sàmì sí àárín títì. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ omi dé, ọ̀gá wọn ní níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé títì náà ni àwọn máa gbẹ́, ibi tí mo bá fẹ́ ni àwọn á ti bẹ̀rẹ̀. Àdúgbò tú jáde. Alága wọ kóòtù wá.

Wọ́n gbẹ́ títí. Ọ̀dà kúrò, òkúta wẹ́wẹ́ kúrò, ẹrẹ̀ dúdú wá yọ, ó ń rùn, ìkarahun ìgbín omi wà nínú rẹ̀ yanturu. Inú mi dùn, mo ní ẹ wò ó, odò rèé. Alága bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó, ó ní òótọ́ ni, odò rèé. Ó ní ṣùgbọ́n òpópónà náà kì í jẹ́ Òpópónà Odò. Káfíńtà fi ọwọ́ bo ẹnu.

Gbogbo ohun tí mo mọ̀ ni mo ti lò. Bàbá mi ló fà mí lápá, ó mú mi kúrò láàárín àwọn èèyàn.

"Ibo lo fi ṣe àárín?"

Mo ní àárín títì ni, mo wọ̀n ọ́n láti etí kan dé etí kejì.

"Títì ìsinsìnyí," ó ní. "Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé wa yìí, màá tutọ́, á bọ́ sí etí kejì títì. Ìyá mi nà mí lórí ẹ̀."

Mo yíjú. Mo wo àwọn ilé. Lápá ọ̀dọ̀ wa, ẹnu ọ̀nà àwọn ilé àtijọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan títì. Lápá kejì, gbogbo ilé sún sẹ́yìn, wọ́n sì jẹ́ tuntun. Ẹ̀gbẹ́ kejì yẹn nìkan ni wọ́n ti fẹ títì. Ọ̀nà àtijọ́ kò fẹ̀ tó ìdajì èyí, ọ̀dọ̀ wa ló sì fara tì. Èmi tí mo ń wọn ilẹ̀ jẹun, títì tuntun ni mo fi ń wá afárá àtijọ́.

Mo bẹ ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ pé kí wọ́n fa kòtò náà wá sápá wa. Ó wo alága, alága wo aago, ó ní kò burú. Wọn ò tíì gbẹ́ jìnnà tí dígà fi dún lára nǹkan. Ọ̀gá ní kí wọ́n gbé dígà sílẹ̀, kí wọ́n fi ọwọ́ kó o. Bíríkì ni. Bíríkì lórí bíríkì, wọ́n tẹ̀ bí ẹ̀yìn arúgbó, ọ̀tún ń gòkè bọ̀, òsì ń gòkè bọ̀. Ibi tó yẹ kí wọ́n ti pàdé, òkúta kan ló wà níbẹ̀, ó fẹ̀ lókè, ó tẹ́ẹ́rẹ́ nídìí, wọ́n gbé e dúró, ojú rẹ̀ tó kọ sí wa sì jìn wọnú, ó ń dán.

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Bàbá mi wọlé, ó jáde pẹ̀lú ọmọ ọlọ lọ́wọ́. Káfíńtà fúnra rẹ̀ ló di apá rẹ̀ mú sọ̀kalẹ̀ sínú kòtò. Bàbá mi nu ẹrẹ̀ kúrò lójú òkúta náà, ó gbé ọmọ ọlọ lé e, ó fà á sókè, ó fà á sísàlẹ̀. Ó bá ojú rẹ̀ mu rẹ́gí. Ayọ̀ kún inú mi.

Alága yọ fìlà. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Ṣé kí a fi í sílẹ̀ báyìí, kí ayé máa wá wò ó?"

"Ẹ bò ó padà," bàbá mi ní. "Ẹnu iṣẹ́ ló wà. Ọjọ́ gbogbo lẹ ń gbà á kọjá."

Wọ́n gba abẹ́ rẹ̀ ri páìpù kọjá, níbi tí odò gbà tẹ́lẹ̀, wọ́n sì da yẹ̀pẹ̀ padà. Alága ní kí wọ́n kun "Afárá" sójú pátákó, kó tóbi. Títí wọ́n fi tuká, kò sẹ́ni tó pe orúkọ ìnagijẹ bàbá mi bí ẹni ń ṣàwàdà. Káfíńtà pè é nígbà tó ń lọ, ó ní, "Ó dàárọ̀ o, Bàbá Afárá," ó sì dọ̀bálẹ̀.

A wọlé. A ò tíì jókòó tán tí atẹ́gùn fẹ́ tí ilẹ̀kùn iwájú fi gbá gbàà. Mo wá ohun tí a fi ń dì í mú nílẹ̀, mi ò rí i. Mo yíjú wo bàbá mi.

"Mo fi í sọ́dọ̀ ìyá ẹ̀," ó ní.

Mo ní màá wá òkúta mìíràn. Ilẹ̀kùn tún gbá. Bàbá mi na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó fẹ̀yìn ti àga.

"Jẹ́ kó máa gbá," ó ní. "Kí wọ́n lè mọ̀ pé a wà nílé."