Ta Ni Bèbí Onírùngbọ̀n Yìí?

Níbi tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò mẹ́ta ti ń tú ẹrù àtijọ́ nílé ìyá wọn ni bèbí rọ́bà kan ti jábọ́ látinú àpótí. Bẹ́ẹ̀ ni ìjà bẹ̀rẹ̀. Télọ̀, àkọ́bí, ní Ọ̀gágun Àrá òun ni. Tíṣà tó tẹ̀ lé e ní irọ́ ni, Akọni Òkun tòun ni. Inú kàtúùnù tí wọ́n jọ ń wò ní kékeré ni akọni méjèèjì ti wá, ara gbogbo bèbí kàtúùnù náà sì rí bákan náà: kúkúrú, pọ́pọ́. Nọ́ọ̀sì, àbíkẹ́yìn, ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Àgbà tí orí ti ń pá! Nígbà tí ariwo ò tán, ó kó wọn lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń tún bèbí ṣe. Ìyá Bèbí ni gbogbo èèyàn ń pè é.

Obìnrin náà gbé bèbí náà sábẹ́ iná.

"Ẹ wo irùngbọ̀n, mà," Télọ̀ wí. "Ẹ wo idà lọ́wọ́ ẹ̀."

"Ọdún tí wọ́n kọ sẹ́yìn ẹ̀ ńkọ́?" Tíṣà já lu ọ̀rọ̀. "Ọdún tí wọ́n ra tèmi nìyẹn!"

"Ọdún tí wọ́n ṣe mọ́ọ̀dù tí wọ́n fi rọ ara ẹ̀ ni," Ìyá Bèbí dáhùn. "Mọ́ọ̀dù kan lè bí oríṣiríṣi bèbí fún ọdún gbọọrọ. Orí àti ọwọ́ ni ká wò."

Ó mi idà náà. Ó ń yẹ̀ gẹ̀rẹ̀ nínú ihò ọwọ́.

"Idà àlejò nìyí. Nǹkan tó nípọn ni ọwọ́ yìí ń mú."

"Ọ̀kọ̀ Akọni Òkun!" Tíṣà fò sókè.

"Ẹ rọra. Ìpẹ́ ẹja máa ń wà lọ́rùn Akọni Òkun, ara rọ́bà náà ni wọ́n rọ ọ́ mọ́, kò lè parẹ́. Ẹ fọwọ́ kàn án."

Ọrùn dán bọ̀rọ́. Ìyá Bèbí wá fi òwú tó rẹ sínú sípíríìtì nu àgbọ̀n bèbí náà. Irùngbọ̀n bá òwú lọ.

"Ti Ọ̀gágun Àrá máa ń yọ síta lára rọ́bà ni. Eléyìí, kálámù ni wọ́n fi yà á. Ẹ wo adé ìyẹ́ tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé kúrú. Ẹ wo ihò méjì léjìká, ibẹ̀ ni apá ẹyẹ ń wọ̀. Ayaba Ẹyẹ nìyí, ọ̀pá gbọ̀ngbọ̀ ló ń mú lọ́wọ́."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu Nọ́ọ̀sì.

"Ayaba Ẹyẹ mi! Ẹ ní ajá ló gbé e lọ! Mo sunkún títí ojú mi fi wú!"

Télọ̀ wo Tíṣà, Tíṣà wo òrùlé.

"Ọmọ ogun wa ò pé nígbà yẹn, a tiẹ̀ ti gbàgbé," Télọ̀ ń kùn. "Mo kàn gé adé ni. Èmi kọ́ ni mo ya irùngbọ̀n."

"Ẹ̀yin lẹ fún mi ní kálámù, bọ̀dá!" Tíṣà ké.

Ìyá Bèbí rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ó wá inú àpótí tó ń kó ẹ̀yà ara bèbí sí, ó mú apá ẹyẹ méjì tó bára mu jáde, ó tì wọ́n bọ ihò. Kọ́! Kọ́! Ayaba Ẹyẹ dúró sán-ún lórí tábìlì.

Àwọn bọ̀dá méjèèjì nawọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Àbúrò mi àtàtà, jẹ́ n gbà á wò," Télọ̀ wí.

"Ẹ kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́," Nọ́ọ̀sì wí, ó sì kọjú bèbí náà sí wọn.

Wọ́n bẹ̀ ẹ́ lóòótọ́. Télọ̀ tiẹ̀ dọ̀bálẹ̀.